Iye òní owó tí a máa gbà lọ́jọ́ iwájú

Iye òní ni iye tí owó kan tí wọ́n máa san fúnni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ iwájú tó sí, bí a bá fi owó tó wà lọ́wọ́ lónìí wọ̀n ọ́n. Ìṣirò èlé náà ni, àmọ́ ẹ̀yìn la ti ń bá a bọ̀. Ẹni tó ń fi owó pamọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti òní, ó fẹ́ mọ iye tí owó rẹ̀ máa dà. Ẹni tó ń wá iye òní ti mọ iye tó ń bọ̀; ó fẹ́ mọ iye tí ì bá fi sílẹ̀ lónìí kí ó lè dà bẹ́ẹ̀.

Ká ní ìyá oníṣòwò kan ní Ìbàdàn fẹ́ ta ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀. Oníbàárà kan ní òun á san ₦600,000 lójú ẹsẹ̀. Òmíràn ní òun á san ₦1,000,000, àmọ́ ó di ọdún mẹ́ta òní. Mílíọ̀nù kan dùn-ún gbọ́ létí. Ohun tó yẹ kí ìyá yìí kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé èlé mélòó ni owó tí òun bá gbà lónìí lè mú wá lọ́dún. Ká ní ó ní ibi tó lè fi owó sí tó ń mú èlé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún wá lọ́dọọdún, tí èlé náà sì ń bí èlé.

Pẹ̀lú èlé yìí, ₦1 òní á di ₦1.20 lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, tí a bá fẹ́ padà sẹ́yìn ní ọdún kan, 1.2 la máa fi pín owó náà. ₦1,000,000 ti òpin ọdún kẹta jẹ́ ₦833,333.33 ní òpin ọdún kejì. A tún fi 1.2 pín ìyẹn, ó ku ₦694,444.44 ní òpin ọdún kìíní. A pín in lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di ₦578,703.70. Iye òní nìyẹn, kò sì tó ₦600,000. Oníbàárà tó fẹ́ san lójú ẹsẹ̀ ló sàn.

Ẹni tí kò fẹ́ pín in lọ́dọọdún lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. FV ni owó ọjọ́ iwájú, r ni èlé, n ni iye ọdún, PV sì ni iye òní. Ìlà kejì ni bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú Excel:

```
PV = FV / (1 + r)^n
=PV(0.2,3,0,-1000000)
```

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó máa yọ ìdá 20 kúrò dípò kí ó fi 1.2 pín. ₦1,000,000 á di ₦800,000, lẹ́yìn náà ₦640,000, lẹ́yìn náà ₦512,000. Ó jọ òótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká dá a padà síwájú: ₦512,000 tó ń gba èlé ìdá 20 fún ọdún mẹ́ta á di ₦884,736. Kò dé mílíọ̀nù. Ìdí ni pé orí owó tó wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ti ń ṣírò èlé, kì í ṣe orí iye tí yóò dà nígbà tí ọdún bá parí. Ẹni tó yọ ìdá 20 ti fi 1.25 pín láìmọ̀. Èlé ìdá 25 ló lò.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíláàsì nìkan. Tírẹ́ṣọ̀ bíìlì, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú fún ìgbà díẹ̀, tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ń bá ìjọba tà, ọlọ́jọ́ 91, 182 tàbí 364, yíyọ ni wọ́n fi ń dá iye rẹ̀. Bí wọ́n bá pe ti ọjọ́ 364 ní ìdá 20, nǹkan bíi ₦80.05 lèèyàn á san lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan. Èrè tó bọ́ sí i lọ́wọ́ lórí owó tó san gan-an sún mọ́ ìdá 25.

Àṣìṣe kejì máa ń pani lẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ á yí ọdún mẹ́ta sí oṣù 36, á sì gbàgbé èlé sí ti ọdún. Mílíọ̀nù kan á wá di nǹkan bíi ₦1,411. Bí oṣù la bá fi ń ka àkókò, èlé oṣù la gbọ́dọ̀ lò.

Èlé tí a yàn ló ń pinnu gbogbo rẹ̀. Bí ìdá 15 péré ni owó ìyá yẹn lè mú wá lọ́dún, iye òní mílíọ̀nù náà á jẹ́ nǹkan bíi ₦657,500, oníbàárà kejì á sì borí. Ìṣirò yìí sì gbà pé owó náà á wọlé dájúdájú. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ pé ẹni náà á san án, èlé tó ga ju ti ibi tó dájú ló yẹ kó lò. Pẹ̀lú ìdá 30, ìlérí mílíọ̀nù kan yẹn kò ju nǹkan bíi ₦455,200 lọ lónìí.