Ohun tí wọ́n ń wá nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ mánẹ́jà òtẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ kúrò ní Àbújá lọ sí Dùbáì

Ẹni tó ń ti òtẹ́ẹ̀lì kan ní Wúsè wá ipò ọ̀gá sí òmíràn ní Máítámà kò ní wàhálà púpọ̀, torí ẹni tó fẹ́ gbà á ti mọ ibi tó ti ń bọ̀. Tó bá jẹ́ Dùbáì ló kọ̀wé sí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Orúkọ òtẹ́ẹ̀lì tí gbogbo Gárkì mọ̀ lè má já mọ́ nǹkan kan létí ẹni tí yóò ka lẹ́tà náà. Iṣẹ́ lẹ́tà ni pé kí ẹni yẹn lè fi ojú ewé kan ṣoṣo wọn òtẹ́ẹ̀lì tí kò dé rí.

Ìdí nìyí tí ìlà àkọ́kọ́ kò fi yẹ kó jẹ́ ti ìkíni àti ìrẹ̀lẹ̀. Ọmọ Yorùbá kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí ènìyàn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni ipò tí ènìyàn wà báyìí, iye yàrá, iye òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, àti ipò tó ń béèrè fún. Ọ̀gá oníyàrá 40 àti ọ̀gá oníyàrá 300 kì í ṣe iṣẹ́ kan náà, bí orúkọ oyè wọn tilẹ̀ bára mu.

Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà máa mú àṣeyọrí kan, kó sì tú u palẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo mánẹ́jà òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 120. Iṣẹ́ ìjọba ló ń gbé àlejò wá sí Àbújá, nítorí náà láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú títí di Ọjọ́bọ̀, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún yàrá rẹ̀ máa ń ní àlejò. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, àwọn oníṣẹ́ ti kó ẹrù wọn, àlejò kò sì ju yàrá 34 lọ lálẹ́. Ó wá lọ bá àwọn tó ń ṣètò ìgbéyàwó. Àwọn ẹbí tó ń ti Ìbàdàn àti Ìlọrin wá jó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta nílò ibi tí wọn yóò sùn. Ó gé owó yàrá kù láti 110,000 náírà sí 85,000, yàrá tó ń tà sì di 67 lálẹ́ ọjọ́ méjèèjì náà.

Ohun tí lẹ́tà máa fi hàn ni owó tí wọ́n pín káàkiri gbogbo yàrá, èyí tó gba àlejò àti èyí tó ṣófo. RevPAR ni wọ́n ń pè é. Tẹ́lẹ̀, yàrá 34 lọ́nà 110,000 jẹ́ náírà mílíọ̀nù 3.74, tí a bá pín in sí 120, ó tó nǹkan bí 31,000. Lẹ́yìn ìyípadà, ó ju 47,000 lọ. Owó yàrá wálẹ̀, owó tó ń wọlé gòkè, ẹni tó bá mọṣẹ́ á sì rí i pé ẹni tó kọ̀wé mọ ìgbà tó yẹ kí òun dín owó.

Níbi tí ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti ń bàjẹ́ ni kí wọ́n kọ pé owó tó ń wọlé di ìlọ́po méjì láàárín ọdún méjì. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà, gbogbo nǹkan ló gbówó lórí, owó yàrá náà kò sì gbẹ́yìn. Ẹni tó wà ní Dùbáì lè ka ìròyìn náírà. Iye yàrá tí wọ́n tà, tàbí lítà dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu fún yàrá kọ̀ọ̀kan tó gba àlejò, kì í bá náírà wálẹ̀.

Ẹ̀tàn kan tún wà tí wọ́n máa ń tètè mọ̀. Bí yàrá 12 bá wà ní títì nítorí páìpù tó bàjẹ́, tí wọ́n sì ta 79, àwọn kan á pín in sí 108 kó lè jọ ìdá 73. Lórí 120, ìdá 66 ni. Ìbéèrè kan lẹ́nu ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò á tú u síta.

Ìpínrọ̀ ìparí jẹ́ ti ọjọ́ àti ìwé. Òtẹ́ẹ̀lì tó gbà á ni yóò ṣe físà iṣẹ́, ṣùgbọ́n sátífíkéètì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba òǹtẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, kó dé ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, lẹ́yìn náà ilé aṣojú ìjọba Ẹ́míréètì. Àbújá ni gbogbo wọn wà, nítorí náà ó lè parí èyí kó tó kọ̀wé, kó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kó má kọ pé òun lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ọ̀gá tí kò ní oṣù kan tàbí méjì tó gbọ́dọ̀ fún ibi iṣẹ́ rẹ̀ kó tó lọ máa ń mú kí wọ́n ronú pé wọ́n ti lé e.