Nígbà tí géèjì bá ka iye òdì: ohun tí rósẹ́ẹ̀tì ń sọ nípa irin pẹlẹbẹ tó gbé ẹrù

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí iye tí géèjì mẹ́ta kà lára irin pẹlẹbẹ kan sábà máa ń dájọ́ lójú ẹsẹ̀. Níbi tí iye náà bá ti ní àmì òdì, yóò ní ẹrù ń fún irin náà pọ̀. Níbi tí kò bá ti ní àmì òdì, yóò ní ẹrù ń fà á. Ìdájọ́ yìí máa ń ṣini lọ́nà, ọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ fi ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tí a fi sítíìlì ṣe ni, ẹrù wà lórí rẹ̀, a sì lẹ géèjì mẹ́ta mọ́ ojú kan náà lára rẹ̀, àkójọ tí a ń pè ní rósẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn tí ẹrù ti wọlé tán, géèjì a kà 520, géèjì b kà 440, géèjì c sì kà -120.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí àwọn iye wọ̀nyí jẹ́. Géèjì ìnà jẹ́ irin tín-ín-rín tí a tẹ́ lọ tẹ́ bọ̀ lórí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a sì fi gúlúù lẹ̀ mọ́ ara ohun tí a fẹ́ wọ̀n. Bí ohun náà bá nà, géèjì náà á bá a nà, ìdènà rẹ̀ sí iná mànàmáná á sì lé sí i. Ìnà ni ìyàtọ̀ tó dé bá gígùn nǹkan, tí a pín pẹ̀lú gígùn rẹ̀ àtilẹ̀wá; ó kéré débi pé ìdá kan nínú mílíọ̀nù ni a fi ń kà á. Iye 520 túmọ̀ sí pé bí irin náà bá gùn ní mítà kan, yóò ti fi 0.52 mílímítà gùn sí i. Lára géèjì tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 120 òómù, tí ìdènà náà sì ń yí padà ní ìlọ́po 2 ìnà, ìyẹn kò ju nǹkan bíi 0.125 òómù lọ, ìdí sì nìyí tí a fi ń so géèjì mọ́ afárá Wheatstone, ìyẹn ètò wáyà tó lè fi ìyàtọ̀ kékeré nínú ìdènà hàn, dípò kí a fi mítà lásán wọ̀n ọ́n.

Ohun tí a fẹ́ mọ̀ gan-an kì í ṣe ìnà bí kò ṣe sítírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn iye agbára tó ń gba inú irin kọjá lórí ìwọ̀n ààyè kọ̀ọ̀kan, tí a ń fi MPa kà. Ṣùgbọ́n kò sí géèjì kankan tó ń ka sítírẹ́ẹ̀sì. Ìnà nìkan ni géèjì mọ̀, ìnà ìhà tí ó dojú kọ nìkan sì ni pẹ̀lú.

Níbẹ̀ ni rósẹ́ẹ̀tì ti wúlò. Ní ojú kan ṣoṣo lára irin, ìnà máa ń yàtọ̀ láti ìhà kan sí òmíràn. Ìhà kan wà tí ìnà ti pọ̀ jù lọ, èyí tó kéré jù lọ sì máa ń wà ní ìhà tó dábùú rẹ̀ ní dígíríì 90. Ìnà méjèèjì yìí ni a ń pè ní ìnà olórí. Ohun mẹ́ta ni a kò tíì mọ̀ nígbà náà: ìnà olórí àkọ́kọ́, ìnà olórí kejì, àti igun tí wọ́n kọjú sí. Nítorí náà ni a ṣe nílò géèjì mẹ́ta. Nínú rósẹ́ẹ̀tì tí mo ń sọ yìí, géèjì a tẹ̀ lé ìlà tí a fa sára irin, géèjì b yà kúrò lára rẹ̀ ní dígíríì 45, géèjì c sì yà ní dígíríì 90, tí a bá ń kà á ní òdìkejì ọwọ́ aago. Ìṣirò tó yí wọn padà nìyí:

```
C  = (a + c)/2
P  = (a - c)/2
Q  = b - C
R  = √(P² + Q²)
e1 = C + R
e2 = C - R
θ  = ½ · atan2(Q, P)
```

Ẹni tó bá mọ òbìrípo Mohr yóò rí i pé C ni àárín òbìrípo náà, R sì ni ìdajì ìbú rẹ̀. Tí a bá fi iye tiwa sí i, C jẹ́ 200, P jẹ́ 320, Q jẹ́ 240, R sì jẹ́ 400. Ìnà olórí àkọ́kọ́ wá jẹ́ 600, ìkejì jẹ́ -200, ìhà ti àkọ́kọ́ sì yà kúrò lára géèjì a ní nǹkan bíi dígíríì 18.4 lọ sí apá géèjì b. Ẹ kíyè sí i pé kò sí géèjì kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ka 600. Bí a bá lẹ géèjì a nìkan ni, à bá gbà pé 520 ni òpin rẹ̀.

Ibi tí ìdájọ́ kíákíá ti ń kọsẹ̀ la dé yìí. Ẹlòmíràn yóò mú iye líle sítíìlì, E, tó jẹ́ nǹkan bíi 200 000 MPa, yóò sì fi lọ́po ìnà olórí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Yóò rí 120 MPa fún àkọ́kọ́ àti -40 MPa fún ìkejì, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun kan ń fún irin náà pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Àmọ́ irin tí a bá fà ní ìhà kan máa ń tín-ín-rín ní ìhà tó dábùú rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án níbẹ̀. Ìpín Poisson, v, ni a fi ń mọ bí ó ti ń tín-ín-rín tó. Nǹkan bíi 0.3 ni fún sítíìlì. Fífà tó mú 600 wá ní ìhà kan yóò fúnra rẹ̀ mú -180 wá ní ìhà kejì. Iye -200 tí a rí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìyẹn látòkèdélẹ̀. Ìṣirò tó mú ìhà méjèèjì pọ̀ ni a gbọ́dọ̀ lò:

```
s1 = E/(1 - v²) · (e1 + v·e2)
s2 = E/(1 - v²) · (e2 + v·e1)
```

Nínú èyí, a ó kọ 600 gẹ́gẹ́ bíi 0.0006, a ó sì kọ -200 gẹ́gẹ́ bíi -0.0002. Sítírẹ́ẹ̀sì olórí àkọ́kọ́ jẹ́ 118.7 MPa, ìkejì sì jẹ́ -4.4 MPa péré. Dípò -40 tí a fẹ́ fi dẹ́rù ba ara wa, ohun tó wà níbẹ̀ kò jìnnà sí òdo. Irin yìí ń gba fífà ní ìhà kan ṣoṣo, ó kàn jẹ́ pé ìlà tí a fi géèjì a tẹ̀ lé kò bá ìhà náà mu ni.

Ní tèmi, n kò ní jà fún -4.4 yẹn pàápàá. Nínú ìṣirò rẹ̀, ìyàtọ̀ 20 láàárín -200 àti -180 ni ó bí i, àyípadà díẹ̀ nínú ooru ara irin láàárín ìgbà tí a ka òdo àti ìgbà tí a ka ẹrù sì tó láti mú 20 wá. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ka géèjì kí ẹrù tó wọlé, kí a sì tún kà á lẹ́yìn tí a bá ti gbé ẹrù kúrò. Bí iye kejì kò bá padà sí ti àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ pé ooru ti yí padà, tàbí pé gúlúù ti ń yọ̀, tàbí pé irin náà ti nà kọjá ibi tó ti lè padà sí ipò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ìkẹyìn yìí ni, ìṣirò òkè yìí kò bá a mu mọ́, nítorí inú ìnà tó ń padà bọ̀ sípò nìkan ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Irú ohun tí a fi ṣe irin náà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ alumíníọ̀mù ni iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti wá, tí E rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 70 000 MPa, tí v sì jẹ́ 0.33, sítírẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ kò ní ju nǹkan bíi 42 MPa lọ, ìkejì yóò sì di òdo tán.

Ojú òde irin ni géèjì wà, kò sì mọ ohun tó ń lọ ní ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá tẹ irin pẹlẹbẹ kọ, ojú kan á nà ju èkejì lọ. Bí a bá fura sí èyí, rósẹ́ẹ̀tì mìíràn ni a ó lẹ̀ sí ẹ̀yìn gan-an, kí àwọn géèjì rẹ̀ tẹ̀ lé ìhà kan náà pẹ̀lú ti iwájú. Ìpíndọ́gba iye iwájú àti ẹ̀yìn fún géèjì kọ̀ọ̀kan ni ti fífà, ìdajì ìyàtọ̀ wọn sì ni ti títẹ̀kọ.

Igun náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé géèjì mẹ́ta kà -120, -40 àti 520. P jẹ́ -320, Q jẹ́ -240, ìpín Q sí P sì tún jẹ́ 0.75 gẹ́gẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fi atan lásán ṣe é yóò tún rí dígíríì 18.4, bẹ́ẹ̀ dígíríì 108.4 ni ìhà olórí àkọ́kọ́ wà. Atan2 ń wo àmì P àti Q lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kì í sì í ṣe irú àṣìṣe yìí. Ẹni tí kò bá ní in lọ́wọ́ lè fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò: ìhà olórí àkọ́kọ́ kì í jìnnà ju dígíríì 45 lọ sí èyí tó kà jù nínú a àti c.

Ìṣòro tó ń dà mí láàmú jù ni ti wáyà tí a so sí ojúhò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun mẹ́ta tí a kò mọ̀, iye mẹ́ta tí a kà: kò sí èyí tó ṣẹ́ kù tí yóò jẹ́rìí sí ìyókù. Bí wáyà a àti b bá pààrọ̀ ara wọn nínú ọ̀ràn wa àkọ́kọ́, ìṣirò yóò fún wa ní 116 MPa àti -24 MPa ní igun dígíríì 26. Kò sí ohun kankan nínú àwọn iye náà tó ń pariwo pé nǹkan ṣe. Géèjì kẹrin, d, tí a lẹ̀ ní dígíríì 135, lè là wá lójú, nítorí pé ní ojú kan náà, àròpọ̀ ìnà ìhà méjì tó dábùú ara wọn kì í yí padà. Àròpọ̀ a àti c gbọ́dọ̀ bá ti b àti d mu. Nínú ọ̀ràn wa, d yẹ kó ka -40, kí àròpọ̀ méjèèjì jẹ́ 400. Bí a àti b bá pààrọ̀, ọ̀kan á di 320, èkejì á di 480.

Síbẹ̀, géèjì kẹrin kò lè rí i bí ó bá jẹ́ a àti c ni wọ́n pààrọ̀. Àròpọ̀ wọn kò yí padà, sítírẹ́ẹ̀sì méjèèjì yóò sì pé, ìhà nìkan ni yóò di dígíríì 71.6 dípò 18.4. Fún èyí, ìwé ìṣirò kò lè ràn wá lọ́wọ́. Kí ẹrù tó wọlé, ẹni kan á dúró ti irin, ẹnì kejì á dúró ti ẹ̀rọ tó ń kọ iye sílẹ̀. Ẹni ìdí irin á tú wáyà géèjì kan ṣoṣo, á pe orúkọ rẹ̀ sókè, ẹnì kejì á sì wo ojúhò tí iye rẹ̀ fò kúrò lójú ìwọ̀n, kí wọ́n tó so ó padà, kí wọ́n sì kọjú sí èyí tó tẹ̀ lé e.