Èènì inú ímeèlì oṣù Kejìlá

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní, Ìyá Ìbejì pè mí láti Ọ̀fà. "Àǹtí, wọ́n ti kó pọ́ìntì mi jẹ o!" Kúbwà la jọ ń gbé. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ mi ní Àbújá ni kí n máa bá àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ṣètò káàdì oníbàárà, kí n sì máa kọ irú ímeèlì ìdúpẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Èmi kọ́ ni mo kọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe fi í sórí Wọ́sáàpù fún mi báyìí ni mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè ni pé: "Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa ná ọjà jálẹ̀ ọdún. Láti ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, pọ́ìntì yín á di ìlọ́po márùn-ún tí ẹ bá ra ọjà ₦50,000 sókè." Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ₦100 kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá ná ń mú pọ́ìntì kan wá, pọ́ìntì kan sì jẹ́ náírà kan. Ìyá Ìbejì ra ọjà ₦86,000 ní ọjọ́ 24, ó sì ṣírò rẹ̀ lórí fóònù: pọ́ìntì 860 lọ́nà márùn-ún, 4,300. Pọ́ìntì 860 péré ló wọlé. Àní kò tiẹ̀ lè ná 860 yẹn, torí ṣọ́ọ̀bù náà kì í jẹ́ kí èèyàn ná pọ́ìntì tí kò bá tíì pé 1,000.

Mo ní kó fa ímeèlì náà wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìrẹsì, mílíìkì ọmọdé àti káàdì ìpè kò sí lára ọjà tí wọ́n á kà mọ́ ₦50,000. Ìrẹsì ₦38,000 wà nínú rìsíìtì rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ₦86,000, ó ku ₦48,000. ₦2,000 péré ni kò jẹ́ kó dé ibi tí wọ́n fà ilà sí. Kò sẹ́ni tó jí pọ́ìntì kankan. Èrè orí ìrẹsì kéré gan-an, owó tí ṣọ́ọ̀bù ń rí níbẹ̀ kò lè gbé ìlọ́po márùn-ún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń yọ ọ́ síta.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Ká ní ó fi ọṣẹ ìfọṣọ ₦2,000 kún un ni, ọjà tó kù lẹ́yìn ìrẹsì á pé ₦50,000. Pọ́ìntì 500 lọ́nà márùn-ún, 2,500. Ìrẹsì náà á ṣì mú 380 tirẹ̀ wá láìsí ìlọ́po, àpapọ̀ á jẹ́ 2,880 dípò 860. Ọṣẹ tó sì máa lò kó tó parí oṣù á mú ju ₦2,000 padà wá fún un.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sáré lọ fi ọjà kún ọjà. Aládùúgbò wa kan fẹ́ ra ọjà ₦30,000, ìyẹn pọ́ìntì 300. Nígbà tó ka ímeèlì tirẹ̀, ó gbé wáìnì àti bísíkíìtì inú páálí tó tó ₦20,000 sí i. Òun rí 2,500 gbà lóòótọ́. Àmọ́ 2,200 ni àfikún tó rí lórí ₦20,000 tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bíi kí wọ́n bá a yọ ₦11 nínú ₦100. Ká ní wọ́n kọ ọ́ sára wáìnì yẹn bẹ́ẹ̀, kò ní yà síbẹ̀. Owó tí ẹ fi kún un láti dé ojú ilà ni kí ẹ wò, ẹ má wo àpapọ̀ pọ́ìntì. Tó bá jẹ́ ohun tí ẹ máa rà ní oṣù Kìíní náà ni, bí òróró tàbí ọṣẹ, ẹ mú un. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró lórí pẹpẹ.

Tí ẹ bá ra gàrí ní ọjà Wúsè, èènì ti wà nínú àpò kí ẹ tó kúrò níwájú ìsọ̀. Èènì inú ímeèlì, ọwọ́ olówò ló ṣì wà. Pọ́ìntì àfikún kì í sábà wọlé lọ́jọ́ tí ẹ rajà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn ọjọ́ ìrajà ni wọ́n kọ sínú ti Ìyá Ìbejì, torí àwọn kan máa ń rajà, wọ́n á gba pọ́ìntì, wọ́n á ná an, wọ́n á wá dá ọjà padà. Ohun tó bá rà ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ni pọ́ìntì rẹ̀ máa tó wọlé. Pọ́ìntì àfikún náà sì máa kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní kan náà. Ẹ̀yin náà mọ Àbújá: nígbà tí ọdún bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, gbogbo wa ti gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà lọ sílé. Ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ni Ìyá Ìbejì padà dé, owó ilé ìwé ti ń dúró dè é.

Pọ́ìntì tí ẹ ti ń kó jọ látẹ̀yìn lè wà fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ áàpù sábà máa ń pa á pọ̀ mọ́ àfikún di iye kan ṣoṣo. Ẹ bi wọ́n ní káńtà pé èwo ló máa kọ́kọ́ kú, àti pé ṣé òun ni ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ ná. Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọn ò dá ọjọ́ ikú yẹn láti fi fìyà jẹ yín. Ìlànà ìṣirò owó tí wọ́n ń pè ní IFRS 15, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, ka pọ́ìntì sí gbèsè tí ṣọ́ọ̀bù jẹ yín: wọ́n gbọ́dọ̀ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó tí ẹ san, wọn ò sì lè kà á sí owó títà títí ẹ ó fi ná pọ́ìntì náà tàbí títí á fi kú. Kò sí ọ̀gá tó fẹ́ kí gbèsè oṣù Kejìlá dúró sínú ìwé títí di oṣù Kẹfà. Kódà, a máa ń fojú díwọ̀n iye tí ẹnikẹ́ni ò ní wá gbà, a sì ti ń ṣírò rẹ̀ ṣáájú.

Ìyá Ìbejì tún bi mí pé kí ló dé tí àbúrò rẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fi gba ìlọ́po méjì péré. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: ẹni tó ti pẹ́ tí a rí i kẹ́yìn là ń fi púpọ̀ fà, ẹni tó máa wá lọ́nàkọnà ń gba kékeré. A tún máa ń yọ àwọn díẹ̀ sọ́tọ̀ tí a ò ní kọ ohunkóhun sí, ká lè mọ̀ bóyá lẹ́tà náà ló mú àwọn yòókù wá. Lójú tèmi, kò dáa tó sí ẹni tó ń bá wa ná ọjà lójoojúmọ́, mo sì máa ń sọ ọ́ ní ìpàdé.

Lẹ́tà ayédèrú náà ń rìn lásìkò yìí. Èyí tó bá ní kí ẹ tẹ líǹkì kí ẹ sì kọ PIN, OTP tàbí nọ́ńbà káàdì báńkì láti gba pọ́ìntì, ẹ pa á rẹ́. Pọ́ìntì kò nílò èyíkéyìí níbẹ̀. Ẹ fúnra yín ṣí áàpù ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ̀bùn náà á wà níbẹ̀ tó bá jẹ́ òótọ́.

Nígbà tí oṣù Kejìlá tó tẹ̀ lé e dé, Ìyá Ìbejì fi àwòrán ímeèlì àti àkọsílẹ̀ ọjà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó tó jáde nílé. A yọ ìrẹsì, ọjà tó kù jẹ́ ₦48,700. Ó fi ọṣẹ ₦1,500 kún un, ó sì lọ rà á ní ọjọ́ 11, kó má di ọjọ́ 24, kí pọ́ìntì lè wọlé kó tó rìnrìn àjò. Ní ọjọ́ 27, kó tó wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀fà, ó ti fi pọ́ìntì náà san owó búrẹ́dì méjì àti bọ́tà tí wọ́n jẹ lọ́nà.