Ọ̀já Ọ̀rọ̀: Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Fi Ọ̀rọ̀ Tuntun Bá Ẹnu Òṣèré Mu

Kí fíìmù tó máa sọ̀rọ̀, títú u sí èdè mìíràn kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Wọ́n á yọ káàdì ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde láàárín àwòrán, wọ́n á fi èyí tí wọ́n kọ ní èdè àwọn òǹwòran rọ́pò rẹ̀, ó parí. Láti 1927 tí ohùn ti wọ inú fíìmù Amẹ́ríkà ni nǹkan ti yí padà. Ẹnu òṣèré ń ṣí, ó ń pa dé, gbogbo ènìyàn sì ń rí i. Ohùn tí kò bá tẹ̀lé ẹnu yẹn, kíá ni òǹwòran máa mọ̀ pé kì í ṣe ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tí àwọn ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ gbà ná wọn lówó gan-an. Ní 1930, Paramount bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní sítúdíò kan ní Joinville, lẹ́bàá ìlú Páríìsì, níbi tí wọ́n ti ń ya ìtàn kan náà ní àyàtúnyà ní èdè oríṣiríṣi. Inú ilé kan náà ni wọ́n ti ń yà á. Bí àwọn òṣèré èdè kan bá jáde, ti èdè kejì á wọlé. Ọ̀nà yìí kò tọ́jọ́. Owó òṣèré ń gorí owó òṣèré, àwọn òǹwòran sì fẹ́ rí ojú ìlú-mọ̀-ọ́n-ká tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Láàárín ọdún díẹ̀ wọ́n pa á tì, sítúdíò Joinville sì di ibi tí wọ́n ti ń fi ohùn tuntun sí fíìmù tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀. Ní 1932, ìjọba Faransé tún pàṣẹ pé orílẹ̀-èdè Faransé ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣe ohùn Faransé tí wọ́n bá máa fi sí fíìmù àjèjì. Bí iṣẹ́ náà ṣe fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n báwo ni òṣèré tó dúró níwájú máíkì ṣe máa mọ ìgbà tó yẹ kó la ẹnu? Ọ̀dọ̀ àwọn olórin ni ìdáhùn ti wá. Ní àwọn ọdún 1920, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Carl Robert Blum ti ṣe ẹ̀rọ kan tí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ń rìn lórí rẹ̀ bí fíìmù ṣe ń rìn, kí ẹni tó ń darí orin lè máa wo àmì orin tó ń kọjá, kí orin àti àwòrán má bàa yà. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ dípò àmì orin, òṣèré náà á rí ìgbà tí sílébù kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Àwọn Faransé ló wá sọ ọ́ di iṣẹ́ tó ní ìlànà. Bande rythmo ni wọ́n ń pè é. Ọ̀já ọ̀rọ̀ ni a máa pè é níbí.

Èyí yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Jámánì àti Ítálì. Níbẹ̀, wọ́n máa ń gé fíìmù sí ègé kéékèèké tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, wọ́n á so orí rẹ̀ mọ́ ìdí, kó lè máa yí po. Òṣèré á wò ó títí yóò fi mọ ibi tí ẹnu ti ń ṣí, yóò wá sọ tirẹ̀ láti orí. Ìrántí òṣèré ló ń gbé iṣẹ́ náà. Ní ti ọ̀já, orí ìwé ni gbogbo rẹ̀ wà kí òṣèré tó wọlé. Èmi gbà pé èyí ló mú kí a lè sọ pé wọ́n ń díwọ̀n ọ̀rọ̀, torí ohun tí a bá kọ sílẹ̀ la lè wọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwọ̀n náà. Fíìmù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 35 máa ń kọjá ní férémù 24, ìyẹn àwòrán ẹyọ 24, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, férémù kọ̀ọ̀kan sì gba mílímítà 19. Ìdá kan nínú mẹ́jọ eré yẹn ni ọ̀já ọ̀rọ̀ ń rìn, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 5.7 lórí rẹ̀, férémù kan sì jẹ́ mílímítà 2.4. Ó ń yára tó kí ọ̀rọ̀ má bàa fún pọ̀, ó sì falẹ̀ tó kí ojú lè kà á. Ìsàlẹ̀ àwòrán ni wọ́n ti ń tàn án, tí ó ń ti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì, ìlà kan sì dúró lóòró níbi tó ń gbà kọjá. Lẹ́tà tó bá ti kan ìlà náà, òun ni òṣèré gbọ́dọ̀ máa pè. Bí wọ́n bá fa lẹ́tà gùn, ó ní láti fa ohùn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ fún pọ̀, kó yára. Bí àyè bá ṣófo, kó dákẹ́.

Ènìyàn mẹ́ta ló máa ń ṣe ọ̀já kan. Ẹni àkọ́kọ́ á máa yí fíìmù síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, á sì máa fi pẹ́ńsù sàmì sí ohun tí ẹnu ń ṣe: ibi tó ti ṣí, ibi tó ti pa dé, ibi tí ètè méjèèjì ti pàdé bíi ti m tàbí b, ibi tí eyín ti kan ètè bíi ti f, ibi tí ètè ti sù jọ, ibi tí ẹni náà ti mí tàbí tó ti rẹ́rìn-ín. Ẹnì kejì ni olùtumọ̀, tó máa ń fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ tuntun sábẹ́ àwọn àmì wọ̀nyí, tó ń pa á rẹ́, tó ń tún un kọ. Ẹnì kẹta á fi yíǹkì da ọ̀rọ̀ náà kọ sórí ọ̀já mìíràn tí iná lè gbà kọjá.

Iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ jù bí kò bá dára, àṣìṣe tó sì wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni kí ènìyàn máa fi etí sàmì dípò ojú. Ẹnu sábà máa ń ṣí kí ohùn tó jáde, torí pé ẹni náà ń mí sínú. Bí ibi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀ nìkan bá ti gba àmì, òṣèré tuntun á dákẹ́ níbi tí ẹnu ti là sílẹ̀. Bákan náà, etí lè gbọ́ m kedere nígbà tí ẹni náà ti yíjú sẹ́yìn. Àmì kò wúlò níbẹ̀ rárá, ó kàn ń dí olùtumọ̀ lọ́wọ́ lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí olùtumọ̀ ṣe ń ṣe tirẹ̀, ká ní èdè Yorùbá ló ń kọ. Ọkùnrin kan ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lálẹ́, ojú rẹ̀ kún inú àwòrán. Ohun tó sọ ni pé kí ìyá má dúró de ẹnì kan mọ́, pé ẹni náà kò ní í padà wá ní alẹ́ yẹn. Àmì orí ọ̀já fi hàn pé ẹnu ṣí ní férémù 0, ètè pàdé ní 14, ẹnu pa dé ní 32. Ó dákẹ́ títí di 46. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ètè pàdé ní 58, wọ́n sì tún pàdé ní 79, wọn kò ṣí mọ́.

Bí ó bá kọ «Ẹ má dúró dè é mọ́», ìtumọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n sílébù méje ni. Ní férémù 32, sílébù kọ̀ọ̀kan á gbà tó férémù mẹ́rin ààbọ̀. «Má» á bọ́ sí nǹkan bíi férémù 5, «mọ́» sí 27, ètè tó pàdé ní 14 kò sì ní rí ohun tó máa bá a mu. Ẹ wá wo «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dè é». Sílébù mẹ́sàn-án ni, «má» sì ni ìkarùn-ún. Sílébù mẹ́rin ló ṣáájú rẹ̀, ìyẹn bíi férémù 14. Ó bọ́ síbi tó yẹ gan-an. Lórí ọ̀já, a máa rí m náà ní sẹ̀ǹtímítà 3.3 sí ibi tí gbólóhùn ti bẹ̀rẹ̀.

Gbólóhùn kejì ló le jù. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, ètè tí a ń wò sì pa dé ní ìparí. Bí olùtumọ̀ bá kọ «Kò ní í padà wá lálẹ́ yìí», tó sì jẹ́ kó gba àyè náà dé 82, a ó máa gbọ́ «yìí» látẹnu ẹni tó ti pa ẹnu dé. «Mọ́» ní ìparí kò yanjú rẹ̀, torí m á bá ètè mu, ọ́ á sì ṣẹ́ kù síta. Ohun tó tọ́ ni kí ọ̀rọ̀ parí kí ètè tó pàdé: «Kò ní í padà wá sílé». Sílébù mẹ́jọ, láti 46 dé 79, ó lé díẹ̀ ní férémù mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sílébù kẹrin ni «pa», ó sì bọ́ sí 58. Bí váwẹ̀lì tó gbẹ̀yìn bá ti tán ni ètè pa dé, òǹwòran á sì kà á sí pé ọkùnrin náà ti sọ̀rọ̀ tán. «Lálẹ́ yìí» ni a pàdánù. A lè yọ ọ́ torí òru hàn lójú fèrèsé. Ká ní ọ̀sán ni, à bá ti tún gbogbo rẹ̀ kọ.

Ìdákẹ́jẹ́ férémù 14 tó wà láàárín kò ṣeé fọwọ́ kàn. Olùtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn máa ń fẹ́ kí ìdajì sílébù kan yọ́ wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tó kún inú àwòrán, ohùn lórí ẹnu tó pa dé burú ju b tí kò sí ní àyè rẹ̀ lọ. Bí olùsọ̀rọ̀ bá jìnnà sí kámẹ́rà ẹ̀wẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀, ìdákẹ́ àti ìparí tó, kí ó má fi ìtumọ̀ tó dán mọ́rán ṣòfò nítorí ètè tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Bí nǹkan bá sì gbọ́dọ̀ yẹ̀, kí ohùn pẹ́ díẹ̀ sàn ju kó yá lọ. Ìwọ̀n tí ITU, àjọ tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, gbé jáde ní 1998 fi hàn pé ènìyàn á mọ̀ bí ohùn bá fi nǹkan bíi ìdá 45 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú àwòrán, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ dé bíi 125 kí wọ́n tó mọ̀. Férémù kan lèyí ní iwájú, mẹ́ta ní ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí «má» tó bọ́ sí 15 kò fi dá wa láàmú, tí èyí tó bọ́ sí 11 sì ní láti padà sórí tábìlì.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń gbé ọ̀já náà, ìlà tó dúró lóòró ṣì wà níbẹ̀, àmì kan náà ni wọ́n sì ń lò. Àléébù tuntun tó bá a wọlé ni ti iye férémù. Bí wọ́n bá díwọ̀n ọ̀rọ̀ lórí àwòrán férémù 24, tí sítúdíò sì gba èyí tí wọ́n ti sáré rẹ̀ sí 25, wákàtí kan á di ìṣẹ́jú 57 àti ìṣẹ́jú àáyá 36. Gbólóhùn àkọ́kọ́ á bá ẹnu mu, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ìṣẹ́jú kan, ọ̀já ti fi ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ pẹ́ lẹ́yìn àwòrán. Kí òṣèré tó dé, ẹ yẹ gbólóhùn àkọ́kọ́ àti èyí tó gbẹ̀yìn wò. Bí méjèèjì bá yẹ̀ ní iye kan náà, ibi tí ọ̀já ti bẹ̀rẹ̀ ni kò tọ́, ẹ sún un. Bí ti ìkẹyìn bá pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, iye férémù ni kò bára mu, sísún kò sì lè tún un ṣe.