Rífíúà kan ní ẹ fi kún un, èkejì ní ẹ dín in kù

Lẹ́tà ẹ́dítọ̀ dé, ó ní kẹ́ ẹ lọ ṣe àtúnṣe ńlá sí pépà ìwádìí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí jọ́nà. Ẹ ṣí i, ẹ rí i pé rífíúà àkọ́kọ́ nínú àwọn onímọ̀ tí wọ́n ní kó yẹ pépà náà wò ní ìṣirò yín ò tíì tó, ó fẹ́ kẹ́ ẹ fi nǹkan márùn-ún sí i. Ẹ sún wálẹ̀ díẹ̀, rífíúà kejì ní ohun tẹ́ ẹ kó sínú ìṣirò yẹn ti pọ̀ jù, ẹ yọ nínú ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe nígbà yẹn, tí mo sì ti rí i tó ba pépà dáadáa jẹ́, ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, wọ́n á ṣe tẹni àkọ́kọ́ ní ojú ìwé kẹrin, wọ́n á ṣe tẹnì kejì ní ojú ìwé kẹsàn-án, ìgbà tí wọ́n á fi parí, pépà náà á ti máa bá ara ẹ̀ jà, àwọn rífíúà méjèèjì á sì bínú torí kò sí èyí tí wọ́n gbọ́ tiẹ̀ délẹ̀ nínú wọn.

Mo ti kọ pépà, mo ti ṣe rífíúà, mo sì ń ṣe ẹ́dítọ̀ báyìí, ohun tó sì yé mi látibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pé ìmọ̀ràn ni rífíúà ń gbà wá, ẹ́dítọ̀ ló ń dájọ́. ICMJE, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ẹ́dítọ̀ jọ́nà ìṣègùn káàkiri ayé, kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé kò pọn dandan kí ẹ́dítọ̀ tẹ̀ lé ohun tí rífíúà sọ, ì báà jẹ́ pé rífíúà yìn ín tàbí ó bù ú. Torí náà tí àwọn rífíúà méjì bá ta ko ara wọn, kì í ṣe ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa fi orí yín ṣe adájọ́ láàárín wọn ní ìdákẹ́jẹ́. Iṣẹ́ yín ni pé kẹ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ kó mọ́ kedere, kẹ́ ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe àti ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí ẹni tó ní ìdájọ́ dá sí i kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan pépà náà. Ẹ ṣí tébù kan, kẹ́ ẹ fún kọ́mẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, bíi R1.4 fún ìkẹrin tí rífíúà àkọ́kọ́ sọ, kẹ́ ẹ da ọ̀rọ̀ tó kọ síbẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe kọ ọ́, ẹ má tún un sọ lọ́rọ̀ ara yín torí ibẹ̀ la ti máa ń yí ọ̀rọ̀ onítọ̀hún po láìmọ̀. Ẹ fi àyè kan sí i fún nọ́ńbà kọ́mẹ́ǹtì tó bá a jà, àyè kan fún ohun tẹ́ ẹ máa ṣe àti ibi tó wà nínú pépà. Àmọ́ àyè tó ṣe pàtàkì jù lọ, tí àwọn èèyàn kì í fi sí i, ni èyí tẹ́ ẹ ti máa kọ ohun tó ń ba rífíúà náà lẹ́rù. Ohun tó ní kẹ́ ẹ ṣe yàtọ̀ sí ohun tó ń bà á lẹ́rù, ìgbà tẹ́ ẹ bá sì kọ ẹ̀rù yẹn sílẹ̀ lẹ máa ń rí i pé ìjà púpọ̀ kì í ṣe ìjà rárá. Ẹnì kan lè ní kẹ́ ẹ gé ìjíròrò kúrú, kí ẹlòmíì ní kẹ́ ẹ ṣàlàyé ibi tí iṣẹ́ náà kù sí, kó jẹ́ pé àsọdùn tó wà nínú ìjíròrò yẹn ló ń bí àwọn méjèèjì nínú. Ẹ yọ àsọdùn, àyè á ṣí fún àlàyé.

Èyí tó le ni ìgbà tó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ta ko ara wọn. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan ká tú u wò. Ká ní ẹ ń wádìí bóyá iṣẹ́ òru ń dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru, òṣìṣẹ́ 214 lẹ wò, 38 nínú wọn ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nǹkan mẹ́fà lẹ fi sínú ìṣirò, ìyẹn iṣẹ́ òru fúnra ẹ̀, ọjọ́ orí, ọkùnrin àbí obìnrin, sìgá tí wọ́n ti ń mu kí wọ́n tó gba iṣẹ́ náà, ìwọ̀n ara, àti owó tó ń wọlé. Rífíúà àkọ́kọ́ ní ẹ fi iyọ̀ inú oúnjẹ, ọtí, eré ìdárayá, oorun, àti bóyá òbí wọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru kún un, ó wá di mọ́kànlá. Rífíúà kejì ní mẹ́fà gan-an ti pọ̀ jù fún èèyàn 38.

Ẹ̀rù ẹni àkọ́kọ́ ni pé bóyá kì í tiẹ̀ ṣe iṣẹ́ òru ló fà á, nǹkan míì ló fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀rù ẹnì kejì ni pé nọ́ńbà tẹ́ ẹ gbé jáde ò dúró, pé tẹ́ ẹ bá wo 214 míì, á fì síbòmíì. Òṣùwọ̀n àtijọ́ kan wà tí àwọn oníṣirò máa ń lò, pé kí ẹni mẹ́wàá tó ní àìsàn náà, ó kéré tán, wà fún nǹkan kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá kó sínú ìṣirò, kì í ṣe òfin o, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí, àmọ́ ó jẹ́ ká rí bí nǹkan ṣe rí: 38 lè gbé bíi mẹ́rin, tó bá sì di mọ́kànlá, ẹni mẹ́ta àti àbọ̀ ló kù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà rífíúà kejì ò parọ́. Ẹni àkọ́kọ́ náà ò parọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó tíì yẹ ohun tó kà sílẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Iṣẹ́ òru fúnra ẹ̀ ló ń da oorun rú, ó sì lè mú kéèyàn sanra. Oorun àti ìwọ̀n ara wà lójú ọ̀nà láàárín iṣẹ́ òru àti ẹ̀jẹ̀ ríru, tẹ́ ẹ bá wá fi ìṣirò dè wọ́n mọ́lẹ̀, ẹ ti yọ lára ohun tẹ́ ẹ ń wá gan-an dà nù, ìyẹn ni pé ìwọ̀n ara tí ẹ̀yin alára fi sí i látìbẹ̀rẹ̀ ò yẹ kó wà níbẹ̀. Owó tó ń wọlé náà, tó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi owó kún owó oṣù ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóru, iṣẹ́ òru ló bí i. Ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn òbí kan ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru lóòótọ́, àmọ́ ṣé òun ló ń mú èèyàn lọ gba iṣẹ́ òru? Iyọ̀, ọtí àti eré ìdárayá ni mi ò lè bá yín sọ pé báyìí ni, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ bi wọ́n, ẹ ò mọ̀ bóyá wọ́n ti wà kí iṣẹ́ òru tó dé àbí ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kù fún ìṣirò tó jẹ́ ojúlówó ni mẹ́rin: iṣẹ́ òru, ọjọ́ orí, ọkùnrin àbí obìnrin, àti sìgá. Mọ́kànlá yẹn á lọ sínú àfikún, kẹ́ ẹ fi ọ̀nà ìṣirò Firth ṣe é torí òun ń ṣàtúnṣe sí àṣìṣe tó máa ń wọlé tí iye èèyàn bá kéré.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé nọ́ńbà méjèèjì síwájú ara wọn láìfi nǹkan kan pamọ́. Ká ní ìṣirò mẹ́rin fún yín ní odds ratio 2.1, níbi tí 1 ti túmọ̀ sí pé iṣẹ́ òru ò mú ìyàtọ̀ kankan wá, mọ́kànlá wá fún yín ní 1.9 tí àlàfo àìdánilójú ẹ̀ sì fẹ̀ sí i, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù rífíúà àkọ́kọ́ á rọlẹ̀ díẹ̀. Tó bá já wá sí 1.1 ńkọ́? Ẹ ò lè sọ̀rọ̀ bíi pé ìbéèrè ẹ̀ ò ní ìtumọ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ oorun àti ìwọ̀n ara ló gbé e wálẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan míì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ yọ àwọn méjì yẹn kẹ́ ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ wò ó, tó bá sì ṣì wà nísàlẹ̀, ẹ dín ohun tẹ́ ẹ sọ ní ìparí pépà kù.

Gbogbo èyí lẹ máa fi kọ ímeèlì sí ẹ́dítọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má dúró dìgbà tí déètì bá kù ọ̀la. Kó má gùn, irú èyí ti tó:

“Ẹ ṣeun fún lẹ́tà yín. R1.4 ní ká fi nǹkan márùn-ún kún ìṣirò, R2.2 ní ká dín in kù, a ò sì lè ṣe méjèèjì nínú ìṣirò kan náà. A fẹ́ fi mẹ́rin sínú pépà, ká fi mọ́kànlá sínú àfikún, ká sì ṣàlàyé ìdí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọ̀nà míì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún wa ká tó bẹ̀rẹ̀.”

Mo máa ń dáhùn irú ímeèlì báyìí kíá, torí ó fi hàn mí pé èmi náà ò kíyè sí ìtakora yẹn dáadáa kí n tó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹ́dítọ̀ kan lè má dáhùn ṣá, tàbí kó kàn ní kẹ́ ẹ dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Ẹ ṣe ohun tẹ́ ẹ lè gbèjà, kẹ́ ẹ sì fi ìpínrọ̀ kan sókè lẹ́tà èsì yín tó sọ ìtakora náà fún un, kó máa bá a níbẹ̀.

Nínú lẹ́tà èsì, ẹ jẹ́ kí rífíúà kọ̀ọ̀kan mọ̀ pé ẹnì kejì sọ ohun tó yàtọ̀. Ẹ má kọ “rífíúà kejì ò gbà” bí ẹni ń fẹjọ́ sùn, ẹ kọ ọ́ pé “ẹ̀rù tẹ́ ẹ sọ tọ́, a sì ti dáhùn ẹ̀ nínú tébù àfikún, a ò gbé e sínú ìṣirò gangan torí èèyàn 38 péré ló ní àìsàn náà.” Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ da gbólóhùn tuntun náà síbẹ̀ pẹ̀lú ojú ìwé àti nọ́ńbà ìlà, kó má baà máa wá a kiri.

Ìpele kejì, tí àtúnṣe yín bá tún padà sọ́dọ̀ àwọn rífíúà, ni tébù kọ́mẹ́ǹtì yẹn ti máa ń gbà yín sílẹ̀. Ká ní ẹ́dítọ̀ pe rífíúà kẹta tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun wá ní kí ló dé tí ìwọ̀n ara ò sí nínú ìṣirò, ẹ dá a padà. Tẹ́ ẹ bá dá a padà, rífíúà kejì á tún ní kẹ́ ẹ yọ ọ́, ọ̀rọ̀ á sì di àlọ àti àbọ̀ tí kò lópin. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, ṣé ohun tá a yí padà ní ìpele tó kọjá ló ń sọ, àbí ohun tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tá a ti fi ránṣẹ́? Tó bá jẹ́ ohun tá a yí padà, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí èsì kíkún, ẹ fi ohun tó wà nínú tébù hàn án, pé ìwọ̀n ara wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdí báyìí la fi yọ ọ́, èsì tó ní ìwọ̀n ara nínú sì rèé nínú àfikún. Tó bá jẹ́ ohun tó ti wà látìbẹ̀rẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò sọ, ẹ wò ó bóyá àṣìṣe ni àbí ohun tó kàn wu onítọ̀hún. Àṣìṣe, ẹ tún un ṣe bó ti wù kó pẹ́ tó. Ohun tó wu èèyàn, ẹ kọ ọ́ sí ẹ́dítọ̀ pé ẹ fẹ́ kó dá sí i, torí ẹ́dítọ̀ lè parí ẹ̀ láìtún dá pépà náà padà sọ́dọ̀ àwọn rífíúà.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ lo Compare nínú Word láti fi ẹ̀dà tẹ́lẹ̀ wé ti ìsinsìnyí. Ẹ máa rí gbólóhùn tó ṣì ń sọ̀rọ̀ ìṣirò onímẹ́fà níbi tẹ́ ẹ ti di mẹ́rin, pàápàá nínú àkékúrú àti nísàlẹ̀ àwọn tébù, ibẹ̀ lojú rífíúà ti máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i. Tó bá sì wá di pé wọ́n kọ pépà náà tàbí ẹ̀yin fà á kúrò, ẹ má pa tébù kọ́mẹ́ǹtì yẹn rẹ́, torí jọ́nà míì tẹ́ ẹ máa gbé e lọ lè fi ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn rífíúà yẹn gan-an, ohun tó sì máa kọ́kọ́ wò ni bóyá ẹ ṣe nǹkan kan nípa ohun tó sọ.