Dídárúkọ olùṣe àti fífi olùṣe pamọ́ nínú ìjábọ̀

Nínú ìjábọ̀, akọ̀wé lè dárúkọ olùṣe: "Akápò san owó náà." Ó sì lè fi í pamọ́: "Wọ́n ti san owó náà." Èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà fún irú èkejì yìí. Yorùbá kì í yí i. "Wọ́n" tàbí "a" ló ń dúró fún ẹni tí a kò dárúkọ. Gbólóhùn bíi "Owó náà jẹ́ sísan láti ọwọ́ akápò" kò dùn létí, ojú Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń wò wá. "Akápò ló san án" ti tó.

Ibi tí ìṣòro wà ni pé "wọ́n" lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó lè jẹ́ àgbà kan ṣoṣo tí à ń bọ̀wọ̀ fún, ó sì lè jẹ́ ẹni tí a kò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gbilẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ. Kàlẹ́ńdà 500 ni wọ́n tẹ̀, 120 sì bàjẹ́. Ìjábọ̀ tó dé iwájú ọ̀gá kà báyìí:

"Wọ́n kó kàlẹ́ńdà wá síbi ẹ̀rọ ìgéwèé. Wọ́n ní kí wọ́n tètè gé e. Wọ́n gé e kí yíǹkì tó gbẹ. Kàlẹ́ńdà 120 bàjẹ́."

Ta ló ní kí wọ́n gé e? Ṣé oníbàárà ni, àbí Màmá tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù? Ìjábọ̀ náà kò sọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí wọ́n tún un kọ:

"Ẹni tó ń tẹ̀wé kó kàlẹ́ńdà 500 fún agéwèé ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́. Màmá ní kó tètè gé e, torí oníbàárà ti ń dúró. Agéwèé gé e kí yíǹkì tó gbẹ. Nígbà tí irin ẹ̀rọ tẹ ìwé mọ́ra, yíǹkì ojú ìwé kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn èkejì. 120 bàjẹ́."

Gbólóhùn méjì tó kẹ́yìn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì yẹ kí wọ́n dárúkọ, torí ìwà yíǹkì ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ ká ṣọ́ra fún "bàjẹ́": "kàlẹ́ńdà bàjẹ́" kò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni, "agéwèé ba kàlẹ́ńdà jẹ́" sì di í rù ú tán, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́.

Fífi olùṣe pamọ́ tọ́ nígbà tí a kò bá mọ̀ ọ́n, bíi "Wọ́n já kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lóru", tàbí nígbà tí ẹni yòówù tó ṣe é kò yí nǹkan kan padà: "A wọn ìwé náà kí a tó gé e." Ó tún tọ́ nígbà tí ìwádìí kò tíì parí. "Owó dín ₦15,000 nínú àpótí" ni akọ̀wé lè fọwọ́ sí. "Akọ̀wé-owó kó ₦15,000" di ẹ̀sùn tí yóò ní láti fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀.