Ṣíṣàlàyé ìkùdíẹ̀-káàtó nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́

Ìkùdíẹ̀-káàtó nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni ibi tí ọwọ́ olùwáṣẹ́ kò tíì tó, tàbí ohun kan tó ti dáwọ́ lé rí tó sì fìdí rẹmi. Ẹni tó ń wá àyè sí yunifásítì náà máa ń bá irú rẹ̀ pàdé. Gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà máa ń tó láti ṣàlàyé rẹ̀ nínú lẹ́tà ojú ìwé kan.

## Ìgbà tó yẹ ní sísọ

Lẹ́tà ìwáṣẹ́ kì í ṣe ìwé ìjẹ́wọ́. Àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, tí kò sì hàn nínú ìwé kankan, kò ní ohun tó ń wá níbẹ̀. Ó di dandan láti sọ ọ́ bí fọ́ọ̀mù bá béèrè rẹ̀ ní tààràtà, nítorí irọ́ tó bá tú lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n gba èèyàn síṣẹ́ lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì yẹ láti sọ ọ́ bó bá ti hàn gbangba nínú ìwé èsì tàbí nínú ọdún tí a kò rí iṣẹ́ kankan kọ sí. Bí olùwáṣẹ́ bá dákẹ́ lórí irú èyí, ẹni tó ń ka lẹ́tà ni yóò fúnra rẹ̀ wá ìdí rẹ̀, ìdí tó bá sì rí lè burú ju òótọ́ lọ.

## Àpẹẹrẹ kan

Ká ní ẹnì kan ń wá iṣẹ́ ṣíṣe àyẹ̀wò dátà. Ìwé èsì rẹ̀ fi hàn pé máàkì 38 ló gbà nínú sítátísíìkì, nígbà tí 40 jẹ́ máàkì àṣeyege. Ó tún un ṣe, ó sì gba 71. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí:

> Ó dùn mí gan-an pé mo fìdí rẹmi nínú sítátísíìkì. Olùkọ́ wa kì í wá déédéé, ara mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ yá lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́gbọ́n, mo sì jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun.

Ẹ̀bi ti bọ́ sọ́rùn ẹlòmíì, ọgbọ́n tó sọ pé òun kọ́ kò sì hàn. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn lè wà nínú lẹ́tà ẹnikẹ́ni. Ó tún un kọ báyìí:

> Ẹ ó rí máàkì 38 fún sítátísíìkì nínú ìwé èsì mi. Iṣẹ́ ilé mẹ́rin ni mo fi sílẹ̀ láìṣe, mo rò pé àkàsórí yóò gbà mí nígbà ìdánwò. Nígbà tí mo tún un ṣe, ọjọ́ tí wọ́n bá fún wa níṣẹ́ ilé ni mo ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo sì gba 71. Lónìí, èmi ni mo ń ṣe ìròyìn títà ọjà loṣooṣù níbi iṣẹ́ mi, ọ̀gá tó ń yẹ ìṣirò rẹ̀ wò sì wà lára àwọn tó máa jẹ́rìí mi.

Ìdí kan ṣoṣo ló mẹ́nu bà, ìdí náà sì wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ìyípadà tó sọ bá ìdí náà mu gẹ́lẹ́. Agbanisíṣẹ́ lè fi ìwé èsì yẹ 71 náà wò, ó sì lè bi ọ̀gá náà léèrè. Ìpínrọ̀ yìí dára jù láàárín lẹ́tà, lẹ́yìn tí iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ti hàn.

## Ohun tí ìwádìí fi hàn

Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ti yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Ní 1966, Elliot Aronson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń dáhùn ìbéèrè, tó sì wá da kọfí sára. Nígbà tí ẹni náà gba ìdá 92 nínú 100, kọfí tó dà sára jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Nígbà tó gba 30 péré, kọfí náà dín ìfẹ́ wọn sí i kù. Ó jọ pé èyí ṣètìlẹ́yìn fún ìlànà pé kí ìmọ̀ṣẹ́ ṣáájú àbùkù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọfí dídà kì í ṣe ẹgbẹ́ ìdánwò tó fìdí rẹmi, lẹ́tà kọ́ sì ni wọ́n kà.

Èyí tó sún mọ́ lẹ́tà ìwáṣẹ́ jù ni ti Ovul Sezer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2018. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìkùdíẹ̀-káàtó wọn tó tóbi jù, bí ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè ìwáṣẹ́. Ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn tó fi ìyìn ara ẹni ṣe àbùkù, irú bíi “mo máa ń ṣiṣẹ́ jù.” Àwọn tó sọ òótọ́ ni ó wu àwọn tó ka ìdáhùn wọn láti gbà síṣẹ́ jù.

## Ààlà rẹ̀

Òótọ́ kò lè gba ẹni tí àbùkù rẹ̀ jẹ́ gbòǹgbò iṣẹ́ náà. Aṣírò owó tó kọ pé òun máa ń ṣi nọ́ńbà kọ ti dáhùn fún agbanisíṣẹ́, àfi bó bá ní ẹ̀rí pé ó ti borí rẹ̀. Ní ti àìsàn, “àìsàn kan tó ti lọ pátápátá” ti tó, láìdárúkọ rẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ìpínrọ̀ náà ti wúwo jù, a lè fún ẹlòmíì ní lẹ́tà náà kà, ká gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ká sì bi í léèrè ohun mẹ́ta tó rántí. Bó bá jẹ́ pé 38 ló kọ́kọ́ dárúkọ, a ó gé ìpínrọ̀ náà kúrú.